Bí a ṣe ń fi àtúngbọ́ ìpè tọ́ ọmọọṣẹ́ tí ọjà kò tà lọ́wọ́ rẹ̀ sọ́nà

Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń darí àwọn tó ń fi fóònù tajà ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀, ínfátà, bátìrì àti páńẹ́lì sólà ni a ń tà. Àwọn ìyá ọlọ́jà ní Sábó, àwọn onílé ní Pàràkín àti ní ọ̀nà Ẹdẹ, àti àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn tí à ń pè. Ọmọbìnrin kan wà lára àwọn ọmọọṣẹ́ wa tí ó ti lo oṣù mẹ́rin lọ́dọ̀ wa, tí ó ń tètè dé, tí kì í sì í sá fún iṣẹ́, ṣùgbọ́n tí ọjà kì í tà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè é jókòó, tí mo ní kó tújú ká, kó fọkàn balẹ̀, kó má ṣe jẹ́ kí ojú tì í lórí fóònù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dá mi lóhùn pé, "Ẹ ṣé, Àǹtí." Ara rẹ̀ á yá gágá fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ á padà sí bó ṣe wà. Ìgbà tí mo jókòó tẹ́tí sí àwọn ìpè rẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé kò sí ọ̀kan nínú gbogbo ohun tí mo ti sọ tí ó kan ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí fóònù náà.

Ọ̀nà tí mo wá gbà lẹ́yìn èyí ni mo fẹ́ ṣàlàyé níbí, pẹ̀lú ìpè kan ṣoṣo gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, kí ẹni tó bá ní irú ọmọọṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè bá a ṣe é bákan náà.

Gbígba ohùn sílẹ̀ àti yíyan ìpè

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ìpè tí ẹ máa gbọ́ wà. Púpọ̀ nínú fóònù alágbèéká òde òní lè gba ìpè sílẹ̀ fúnra rẹ̀, àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń kéde fún ẹni tó wà lókè ọ̀hún pé à ń gba ohùn sílẹ̀. Bí tiyín kò bá kéde, ọmọọṣẹ́ ni kó sọ ọ́ lẹ́yìn ìkíni, ní gbólóhùn kan: "Mà, à ń gba ìpè yìí sílẹ̀ kí a má baà gbàgbé ohun tí ẹ bá sọ, ṣé kò burú?" Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ara ẹni tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 kan ohùn oníbàárà bí ó ṣe kan nọ́ńbà rẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe gbà á sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, ẹ má sì ṣe pín in kiri lórí Wasáàpù. Bí oníbàárà bá kọ̀, ẹ pa ìgbàsílẹ̀ náà. Bí fóònù kò bá tilẹ̀ lè gba ohùn, ẹ jókòó ti ọmọọṣẹ́ náà nígbà tó bá ń pè, kí ẹ sì máa kọ ohun tí ẹ bá gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, bí ẹ kò tilẹ̀ ní gbọ́ ti oníbàárà.

Ìpè mẹ́ta láti inú ọ̀sẹ̀ kan náà ti tó. Ẹ má ṣe mú èyí tí oníbàárà ti ní "Mo wà nínú ọjà, padà pè mí" láàárín ìṣẹ́jú kan, nítorí kò sí ohun tí a lè rí kọ́ níbẹ̀. Ẹ má sì ṣe mú èyí tó burú jù lọ nínú oṣù náà. Mo mọ àwọn ọ̀gá tí irú ìpè bẹ́ẹ̀ máa ń dùn mọ́ nínú, tí wọ́n á tilẹ̀ gbé e síta fún gbogbo ọ́fíìsì. Ẹni tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún kò ní ṣí ọkàn rẹ̀ payá fún wọn mọ́. Ìpè tó wúlò ni èyí tó ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, tí oníbàárà sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó parí láìsí ọjọ́ kankan tí wọ́n dá pé àwọn á tún sọ̀rọ̀. Irú rẹ̀ fi hàn pé ilẹ̀kùn ti ṣí, ẹnikẹ́ni kò sì wọlé.

Bí ẹ ó ṣe gbọ́ ọ

Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan láìmú bírò dání, bí ẹni pé ẹ̀yin gan-an ni oníbàárà. Ẹ wá tún un gbọ́, kí ẹ máa kọ ìṣẹ́jú, ẹni tó sọ̀rọ̀, àti ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ gan-an. Ohun tí etí gbọ́ nìkan ni kó wà nínú ìwé náà. "Kò ní ìgboyà" kì í ṣe ohun tí etí gbọ́, èrò tiyín ni. "Ó dín owó kù kí ìyá tó béèrè" ni ohun tí etí gbọ́. Ìyàtọ̀ yìí ló mú kí iṣẹ́ náà ṣòro fún mi ní ìbẹ̀rẹ̀, torí pé ohun tí mo ti rò nípa ọmọ náà tẹ́lẹ̀ ni ọwọ́ mi fẹ́ máa kọ.

Ìpè tí mo yàn jẹ́ ti ìyá kan tó ń ta ẹja dídì ní Sábó. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú méje ó lé díẹ̀, ohun tí mo sì kọ nìyí:

0:00 sí 0:50. Ìkíni. Ọmọ náà kí ìyá kú ọjà, ó rántí pé wọ́n ní ọmọ kan tí ara rẹ̀ kò yá nígbà tó kọ́kọ́ pè, ó béèrè rẹ̀.
0:55. Ìyá: "Iná yìí ló fẹ́ sọ mí di aláìlọ́jà. Ó ti ba ẹja mi jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù yìí."
1:04. Ọmọ: "Háà, ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Mà, oríṣi ínfátà mẹ́ta la ní." Ó sọ̀rọ̀ lọ títí di 4:00, ìyá kò sì sọ ju "hẹn" lọ ní gbogbo àkókò yẹn.
4:05. Ọmọ dá iye owó.
4:09. Ìyá: "Owó yìí mà pọ̀ o."
4:12. Ọmọ fúnra rẹ̀ gé ẹ̀dínwó kúrò nínú rẹ̀, ó tún gé e ní 5:30.
6:50. Ìyá: "Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n bá bàbá wọn sọ ọ́." Ọmọ: "Kò burú mà, ẹ ṣeun mà." Ìpè parí.

Ibi mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí a lè tún ṣe: 1:04, 4:12 àti 6:50. Ẹ̀dínwó tó gé ló kọ́kọ́ bí mi nínú, nítorí owó ṣọ́ọ̀bù ni. Ṣùgbọ́n ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé ni pé kí a mú èyí tó ṣáájú nínú ìpè, kí a wò ó bóyá òun ló bí àwọn tó tẹ̀ lé e. Níbí, òun ló bí wọn. Owó náà pọ̀ létí ìyá nítorí pé kò sí ohunkóhun tí a gbé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n lè fi wọ̀n ọ́n. Ẹja tó bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ni ìbá jẹ́ òṣùwọ̀n náà, ìyá fúnra wọn ló sì gbé e wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè, àmọ́ "ẹ pẹ̀lẹ́" nìkan ni wọ́n gbà padà. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ bàbá wọn: kí ni ìyá fẹ́ lọ sọ fún un, bí kò ṣe pé àwọn kan ń ta nǹkan tó wọ́n?

Nítorí náà 1:04 nìkan la ó ṣiṣẹ́ lé lórí. Mo fi méjì tó kù sínú ìwé mi, mi ò sì mẹ́nu kàn wọ́n fún un.

Ìjókòó pẹ̀lú ọmọọṣẹ́

Ẹ jókòó níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò ti ní gbọ́, kí ó má sì ṣe ju bí ìdajì wákàtí lọ. Ẹ má ṣe fi gbogbo ìṣẹ́jú méje náà gbọ́. Láti 0:50 sí 1:10 ni mo fi sí i létí, ẹ̀ẹ̀mejì, mo sì bi í pé, "Kí ni ìyá sọ níbẹ̀?" Lẹ́yìn tó sọ ọ́ tán, mo bi í pé, "Kí lo mọ̀ nípa ẹja náà?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Mi ò mọ nǹkan kan, Àǹtí." Bí èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún un, á ti di ìbáwí.

Àwọn tí wọ́n tọ́ dàgbà bí wọ́n ṣe tọ́ wa kì í já àgbà nírọ́. Bí ẹ bá sọ ohunkóhun, ọmọọṣẹ́ á dáhùn pé, "Mo máa ṣàtúnṣe, mà," ẹ ó sì rò pé ọ̀rọ̀ ti wọlé. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọ̀nà àtilọ kúrò níwájú yín ni ìdáhùn yẹn. Bí ẹ ṣe lè mọ̀ ni pé kí ẹ béèrè ohun tí "bẹ́ẹ̀ ni" kò lè dáhùn: "Ọ̀rọ̀ wo gan-an ni wàá sọ bí oníbàárà tó kàn bá sọ irú rẹ̀?" Bí kò bá lè sọ ọ́ jáde lẹ́nu, kò tíì yé e, tàbí kó jẹ́ pé kò gbà.

Ìgbà tí mo bi í ìdí tí kò fi béèrè ni mo gbọ́ ohun tí ìgbani-níyànjú mẹ́ta kò fi hàn mí. Ó ní, "Àgbàlagbà ni wọ́n, Àǹtí. Kí n máa da ìbéèrè bo ìyá tó bí mi lọ́jọ́ orí, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣe é." Ọmọ tó ń béèrè ọ̀rọ̀ owó àti àdánù lọ́wọ́ àgbà ni wọ́n ti ń pè ní aláfojúdi látìgbà tó ti wà ní kékeré. Ọmọbìnrin wa yìí mọ iṣẹ́ náà ṣe, ẹ̀rù kò sì bà á láti tajà. Ohun tó ṣe aláìní ni gbólóhùn ọ̀wọ̀ tí a lè fi ìbéèrè sí nínú, kò sì sí bí "tújú ká" ṣe lè fún un ní irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá wá fẹ́ sọ àbá yín, ẹ tò ó báyìí: ìṣẹ́jú, ohun tí oníbàárà sọ, ohun tí ọmọọṣẹ́ ṣe, ohun tó ti ibẹ̀ yọ. Mo sọ fún un pé: "Ní 0:55, ìyá ní ẹja àwọn bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. O kí wọn ní ẹ pẹ̀lẹ́, o sì bẹ̀rẹ̀ sí ka oríṣi ínfátà. Nítorí náà a kò mọ iye tí wọ́n pàdánù, a kò mọ iye fìríìsà tí wọ́n ní, nígbà tí o sì dá owó, wọn ò rí ohun tí wọ́n lè fi í wé." Ẹ fi èyí wé "O kì í tẹ́tí sí oníbàárà." Ti àkọ́kọ́ ní ibi tí èèyàn ti lè bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, ìkejì kàn ń sọ irú èèyàn tó jẹ́ ni.

Ohun tó ṣe dáadáa pẹ̀lú gbọ́dọ̀ ní ìṣẹ́jú tirẹ̀. Ní 0:30 ó béèrè ara ọmọ ìyá, mo sì dá a lójú pé ìyẹn ló jẹ́ kí ìyá tú ọ̀rọ̀ ẹja jáde. Mi ò sọ ọ́ láti fi tù ú nínú. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé ìbéèrè ni ìyẹn náà, pé ó ti ń bi àgbà ní ìbéèrè tẹ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tó bínú sí i.

Gbólóhùn tuntun àti fífi ṣeré

Àwa méjèèjì la jọ kọ gbólóhùn náà, ní èdè tí òun fúnra rẹ̀ ń sọ. Ó kọ́kọ́ kọ ọ́ báyìí: "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹja náà pọ̀ tó èló, fìríìsà mélòó lẹ ní, wákàtí mélòó ni iná sì fi ń lọ?" Ìbéèrè mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí a bá bi bẹ́ẹ̀ á dáhùn èyí tó gbẹ̀yìn, á sì gbàgbé èyí tó ṣe pàtàkì. A gé e di ẹyọ kan: "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí n má baà júwe ohun tí kò ní bá iṣẹ́ yín mu, báwo ni èyí tó bàjẹ́ yẹn ṣe pọ̀ tó?" Lẹ́yìn náà, kó dákẹ́. Ìgbà tí ìyá bá sọ̀rọ̀ tán ni kó tó béèrè iye fìríìsà.

Ìbéèrè fìríìsà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Iná tí fìríìsà máa ń fà nígbà tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ bá fẹ́ dìde lè jẹ́ ìlọ́po mélòó kan èyí tó ń fà nígbà tó bá ti ń ṣiṣẹ́ lọ. Ínfátà tó bá kéré lè gbé gílóòbù àti fáànù láìsí wàhálà, kó sì kú pìì bí fìríìsà bá fẹ́ dìde. Mo ṣàlàyé èyí fún ọmọ náà kó lè mọ̀ pé ìbéèrè òun ń dáàbò bo owó ìyá. Bó ṣe mọ ìyẹn ni ìtìjú rẹ̀ dín kù ju bí ọ̀rọ̀ ìwúrí èyíkéyìí ti dín in kù rí.

A wá fi ṣeré. Èmi ni ìyá ẹlẹ́ja, òun ni òun. Ní ìgbà àkọ́kọ́ ó padà sórí oríṣi mẹ́ta rẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Ní ìkejì ó béèrè, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dákẹ́ bí ẹni tó ń rò ó, kò lè fara dà á, ó fúnra rẹ̀ dáhùn fún mi pé, "Ó máa pọ̀ gan-an ni mà." Mo ní kó máa ka ení dé àrún nínú ikùn lẹ́yìn ìbéèrè. Ní ìkẹta ó dákẹ́ dáadáa. Nígbà náà ni mo wá le díẹ̀, bí àwọn ìyá kan ṣe máa ń le: "Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" A wá ìdáhùn fún ìyẹn pẹ̀lú: "Ẹ má bínú mà, kí a má baà gbé èyí tí kò ní lè gbé fìríìsà yín dìde wá ni." Bí ẹ kò bá fi ṣeré, gbólóhùn náà á kàn wà nínú ìwé ni.

Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa gbọ́ fún ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá: nígbà tí oníbàárà bá mẹ́nu ba àdánù tàbí wàhálà kan, ṣé ó béèrè nípa rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí júwe ọjà? Ìpè méjì lọ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ibi tó ṣòro fún èmi nìyí. Ní ọjọ́ kẹta mo gbọ́ tó tún ń gé ẹ̀dínwó tí ẹnikẹ́ni kò béèrè, ọ̀rọ̀ sì dé góńgó ahọ́n mi, mo gbé e mì. Bí mo bá sọ ọ́, ọkàn rẹ̀ á pín sí méjì, kò sì ní ṣe ìkankan nínú rẹ̀ dáadáa.

Ẹ má ṣe fi iye ọjà tó tà wọn ọjọ́ mẹ́wàá náà. Ínfátà kì í ṣe búrẹ́dì. Ìdílé á jókòó lé e lórí, wọ́n á wo ọwọ́ wọn, àwọn mìíràn á dúró de owó àjọ. Ohun tí ẹ máa wò ni bóyá oníbàárà ti ń sọ̀rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àti bóyá àwọn ìpè ń parí pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n dá. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀kan nínú ìpè méjì tí mo gbọ́ ló ti béèrè. Ní ìkejì, ó béèrè nínú méjèèjì.

Ó tún pe ìyá ẹlẹ́ja náà. Mo gbọ́ ọ: ìbéèrè jáde, ó dákẹ́, ìyá sì ṣírò rẹ̀ fúnra wọn sí i létí, páálí ẹja mẹ́rin nígbà àkọ́kọ́, mẹ́ta nígbà ìkejì, nínú fìríìsà méjì. Nígbà tí wọ́n ṣírò tán, ìyá ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè iye tí ínfátà tó lè gbé fìríìsà méjì jẹ́. Wọn kò rà á lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní owó náà ṣì pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní kó pe àwọn ní Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn tí ọjà bá ti tú, bàbá á wà nílé. Ìyẹn ni ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ kí oníbàárà fún un ní ọjọ́ láìjẹ́ pé ó bẹ̀bẹ̀.

Ìgbà tí àtúngbọ́ kò ní ràn án lọ́wọ́

Bí ẹ bá ti ṣe èyí lórí ohun méjì tàbí mẹ́ta, tí ọmọọṣẹ́ ń ṣe ohun tí ẹ jọ fẹnu kò sí, tí àwọn oníbàárà ń dáhùn, síbẹ̀ tí kò sí ẹni tó ń rà, ẹ fi ọmọ náà sílẹ̀, kí ẹ lọ wo àwọn nọ́ńbà tí ẹ fún un. Ó yẹ kí èmi ti wo tiwa kí n tó gbọ́ ìpè kankan. Nígbà tí mo wò ó, mo rí i pé nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ìdajì tó jẹ́ ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gba yàrá ní àyíká Mayfair, tí wọ́n kàn wọlé wá béèrè owó lọ́jọ́ kan. Onílé wọn ló ń pinnu ọ̀rọ̀ iná, kì í ṣe àwọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti pẹ́ ti kó nọ́ńbà àwọn ọlọ́jà àti onílé sọ́wọ́, èyí tó ṣẹ́ kù ni mo kó fún òun. Ara ìdí tí ọjà kò fi tà nìyẹn, ẹ̀bi tèmi sì ni. A tún nọ́ńbà náà pín.

Ohun kejì tí a gbé lé lórí lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá náà ni 6:50, ọ̀rọ̀ bàbá wọn. Gbólóhùn tó kọ fúnra rẹ̀, tí mi ò fi ọwọ́ kàn, ni: "Kò burú mà. Tí ẹ bá sọ fún bàbá, kí lẹ rò pé wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè, kí n ti wá ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ dè yín?"